Bí a ṣe ń mọ ọdún tí àwọn Júù máa fi oṣù kan kún ọdún wọn, kí Ìrékọjá tó bọ́ sí oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà ìjọ

Àwọn ìjọ kan wà ní Ìbàdàn tó máa ń kọ Àjọ Ìrékọjá àti Púrímù àwọn Júù sórí kàlẹ́ńdà wọn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á wo ọjọ́ tí Ìrékọjá bọ́ sí lọ́dún tó kọjá, wọ́n á yọ nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrò nínú rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń fojú díwọ̀n Iléyá, wọ́n á sì gbé e fún atẹ̀wé.

Ẹ wo ohun tí èyí máa ṣe fún ẹni tó bá dán an wò fún ọdún 2024. Ní 2023, ọjọ́ kìíní Ìrékọjá jẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Épírì. Ẹ yọ ọjọ́ 11 tàbí 12 kúrò, ẹ ó bá ara yín ní ọjọ́ 26 tàbí 25 oṣù Máàṣì 2024. Ọjọ́ 31 Máàṣì ni Àjíǹde ọdún yẹn, nítorí náà Ìrékọjá á bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ Ìjìyà gẹ́lẹ́, ọkàn gbogbo ìgbìmọ̀ á sì balẹ̀. Àṣìṣe ni. Ọjọ́ 23 oṣù Épírì ni àwọn Júù bẹ̀rẹ̀ Ìrékọjá wọn ní 2024, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìgbà tí ìṣírò yẹn fi í sí. Wọ́n ti fi oṣù kan kún ọdún náà, ẹni tó ń yọ ọjọ́ 11 kò sì mọ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún mímọ ọdún tí oṣù yẹn máa wọlé, ibi tó máa wọlé sí, àti bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ wa wò kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Ohun tí ẹ nílò

Ọjọ́ tí Ìrékọjá bọ́ sí lọ́dún tó ṣáájú èyí tí ẹ ń wá. Bébà àti bírò, tàbí fóònù tó ní ẹ̀rọ ìṣírò. Kàlẹ́ńdà ọdún tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, tó fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ hàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fojú ara yín rí i nígbà tí ọjọ́ náà bá dé, ẹ nílò ìrọ̀lẹ́ tí òfuurufú mọ́.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ gbèsè tí oṣù ojú ọ̀run ń jẹ oòrùn

Láti ìgbà tí oṣù bá lé títí di ìgbà tí òmíràn máa lé, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Oṣù 12 bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 354 àti díẹ̀. Ọdún oòrùn, èyí tó ń mú òjò àti ọyẹ́ wá, jẹ́ ọjọ́ 365 àti díẹ̀. Ohun tó fi ju ti oṣù lọ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún.

Àwọn Mùsùlùmí kì í san gbèsè yẹn. Oṣù 12 ni Kùránì sọ pé ọdún ní, wọn kì í sì í fi ìkan kún un. Ìdí nìyẹn tí Iléyá fi jẹ́ ọjọ́ 28 Júùnù ní 2023, ọjọ́ 16 Júùnù ní 2024, àti ọjọ́ 6 Júùnù ní 2025. Yóò máa rìn padà bẹ́ẹ̀ láti inú òjò bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn, títí yóò fi yí ọdún ká ní nǹkan bí ọdún 33. Kò sí ohun tó ṣe é, nítorí Iléyá kò so mọ́ irè oko kankan.

Ìrékọjá so mọ́ ọn ní tirẹ̀. Inú oṣù Ábíbù ni Bíbélì pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe é, ìgbà tí ọkà báálì bá yọ ṣírí ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Bí wọ́n bá jẹ́ kó máa fi ọjọ́ 11 padà sẹ́yìn lọ́dọọdún, láàárín ọdún díẹ̀ yóò bọ́ sáàárín òtútù, nígbà tí báálì ṣì jẹ́ koríko. Nítorí náà wọ́n ń jẹ́ kí gbèsè náà pọ̀ tó oṣù kan, wọn á sì san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú oṣù kẹtàlá.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wo ọjọ́ Ìrékọjá ọdún méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Bí ti ọdún kejì bá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 padà sẹ́yìn, oṣù 12 ló wà láàárín wọn. Bó bá fi ọjọ́ bíi 18 tàbí 19 lọ síwájú, oṣù 13 ni. Kò sí ìrìn kẹta.

Ìpele 2: Ẹ yí ọdún tiwa padà sí ọdún àwọn Júù

Ẹ fi 3760 kún ọdún tí ẹ ń wá. Fún Ìrékọjá 2024, ó di 5784.

Ibí ni àwọn kan ti máa ń fi 3761 kún un. Ìgbà tí 3761 tọ̀nà ni lẹ́yìn tí ọdún tuntun àwọn Júù bá ti wọlé, ní Sẹ̀tẹ́ńbà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Òkítóbà. Ìrékọjá àti Púrímù máa ń ṣáájú ìgbà yẹn nínú ọdún tiwa, nítorí náà 3760 ni tiwọn nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fi ọdún kan ṣì í níbí, gbogbo ìpele tó kù á bá a ṣìnà.

Ìpele 3: Ẹ ṣírò bóyá ọdún náà gba oṣù kẹtàlá

Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà, ẹ má sáré níbẹ̀.

Ọdún oòrùn 19 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá oṣù ojú ọ̀run 235 dọ́gba. Tí ẹ bá ka ọjọ́ inú àwọn méjèèjì, wọ́n á lé díẹ̀ ní 6,939 àti ààbọ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì ju nǹkan bíi wákàtí 2 lọ. Oṣù 12 lọ́nà 19 jẹ́ 228. Ó ku 7 kó tó di 235. Nítorí náà, nínú ọdún 19, ọdún 7 ni yóò ní oṣù kẹtàlá. Ohun tó kù ni láti pín àwọn 7 náà kí wọ́n má baà rọ́ pọ̀ sójú kan.

Ẹ wò ó bíi káàdì alájọ. Iye tó máa kún káàdì jẹ́ 19. Ọdún kọ̀ọ̀kan ń dá 7. Lọ́dún tí owó inú káàdì bá pé 19 tàbí tó lé, wọ́n á kó 19, òun ni oṣù kan, ohun tó bá ṣẹ́kù á sì dúró sínú káàdì de ọdún tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ní láti rántí ni pé nígbà tí ọdún 19 kan bá bẹ̀rẹ̀, 1 ti wà nínú káàdì tẹ́lẹ̀.

Ọdún kìíní dá 7, ó di 8. Ọdún kejì, 15. Ọdún kẹta, 22: ó ti kọjá 19, wọ́n kó o, 3 ṣẹ́kù. Ọdún kẹta gba oṣù kẹtàlá nìyẹn. Tí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọdún tó máa kó àjọ ni ọdún 3, 6, 8, 11, 14, 17 àti 19. Ní ìparí ọdún 19, 1 ló máa ṣẹ́kù, káàdì á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun bó ṣe wà.

Láti mọ ipò ọdún kan, ẹ fi 19 pín iye ọdún Júù náà, kí ẹ sì wo àṣẹ́kù. Bí àṣẹ́kù bá jẹ́ 3, 6, 8, 11, 14, 17 tàbí 0, oṣù kẹtàlá wà níbẹ̀. Òdo dúró fún ọdún 19.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù. Bí ẹ bá pín 5784 sí 19, yóò fún yín ní 304.42105. Àwọn kan á rí 4 tó tẹ̀lé ẹ̀sún yẹn, wọ́n á pè é ní àṣẹ́kù, wọ́n á sì sọ pé ọdún náà kò gba oṣù kẹtàlá. Àṣẹ́kù kọ́ nìyẹn. Ẹ mú 304 nìkan, ẹ fi 19 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 5776. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 5784, ó ku 8. Mẹ́jọ wà nínú àwọn tí a kà, nítorí náà ọdún 5784 ní oṣù 13.

Ẹni tó bá ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí kọ̀ǹpútà lè kọ ọdún Júù sínú àpótí A1 nínú Excel, kó sì kọ èyí sínú àpótí tó kàn án:

```
=MOD(7*A1+1,19)<7
```

Bó bá fi TRUE hàn, oṣù kẹtàlá wà. Bó bá jẹ́ FALSE, oṣù 12 ni. Ìṣírò káàdì alájọ yẹn náà ni, kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí káàdì náà ṣe rìn ní àwọn ọdún tó sún mọ́ wa:

5781 (Ìrékọjá 2021): 17 wà nínú káàdì.
5782 (2022): ó di 24, wọ́n kó o, 5 ṣẹ́kù. Oṣù 13.
5783 (2023): 12.
5784 (2024): 19 géérégé, wọ́n kó o, kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Oṣù 13.
5785 (2025): 7.
5786 (2026): 14.
5787 (2027): 21, wọ́n kó o, 2 ṣẹ́kù. Oṣù 13.

*Àyẹ̀wò:* ọdún méjì olóṣù 13 kì í tẹ̀lé ara wọn láéláé, bẹ́ẹ̀ ni àárín ọ̀kan sí èkejì kì í ju ọdún 3 lọ. Bí ẹ bá to ọdún 19 sílẹ̀ tí ẹ rí 6 tàbí 8 dípò 7, ẹ padà lọ wo àṣẹ́kù yín.

Ìpele 4: Ẹ fi oṣù náà sí àyè rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìparí ọdún àwọn Júù, ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ni oṣù tó lé náà máa ń wà, bí a ṣe ń fi gbèsè sí ìparí ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí Nísánì tó wọlé ni wọ́n ń fi í sí, nítorí Nísánì, tí Bíbélì tún pè ní Ábíbù, ni oṣù Ìrékọjá, òun gan-an ni wọ́n fẹ́ kó dúró de báálì.

Oṣù tó máa ń ṣáájú Nísánì ni Ádárì. Lọ́dún olóṣù 13, Ádárì á di méjì. Ádárì Kìíní ní ọjọ́ 30, Ádárì Kejì ní 29. Ádárì Kìíní ni àlejò. Ádárì Kejì ni onílé, òun ló ni gbogbo ohun tí Ádárì máa ń ní lọ́dún tó kù.

Púrímù ló máa ń fìyà jẹ ẹni tí kò bá mọ èyí. Ọjọ́ 14 Ádárì ni wọ́n ń ṣe é. Ní 2024, ọjọ́ 14 Ádárì Kìíní bọ́ sí ọjọ́ 23 Fẹ́búárì, ẹni tó bá sì rí Ádárì tó dúró á kọ Púrímù síbẹ̀. Ọjọ́ 24 Máàṣì, tí í ṣe ọjọ́ 14 Ádárì Kejì, ni wọ́n ṣe Púrímù. Wọ́n fẹ́ kí Púrímù sún mọ́ Ìrékọjá, nítorí náà Ádárì tó bá kan Nísánì ló ni ín.

*Àyẹ̀wò:* láti Púrímù dé ọjọ́ kìíní Ìrékọjá, ọjọ́ 30 gééré ni, lọ́dún kí lọ́dún. Ọjọ́ 24 Máàṣì sí ọjọ́ 23 Épírì: ọgbọ̀n ọjọ́. Bí àárín wọn lórí kàlẹ́ńdà yín bá tó 60, inú Ádárì àlejò ni ẹ fi Púrímù sí.

Ìpele 5: Ẹ wá ọjọ́ náà

Ẹ mú ọjọ́ kìíní Ìrékọjá ọdún tó ṣáájú. Bí ọdún tuntun náà bá jẹ́ olóṣù 12, ẹ padà sẹ́yìn ní ọjọ́ 10 sí 12. Bó bá jẹ́ olóṣù 13, ẹ lọ síwájú ní ọjọ́ 18 sí 20. Bí Fẹ́búárì ọlọ́jọ́ 29 bá wà láàárín ọdún méjèèjì, ẹ fi ọjọ́ kan kún iye tí ẹ fi ń padà, tàbí kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú iye tí ẹ fi ń lọ síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kìíní Ìrékọjá kì í bọ́ sí ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú tàbí ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àìkú, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta nìkan ni. Àwọn Júù máa ń sún ọdún tuntun wọn síwájú ní ọjọ́ kan tàbí méjì kó má baà bọ́ sí àwọn ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí iye ọjọ́ inú ọdún wọn máa yẹ̀ díẹ̀.

Fún 2024: ọjọ́ 6 Épírì 2023, ọdún olóṣù 13, Fẹ́búárì ọlọ́jọ́ 29 sì wà láàárín. Ẹ lọ síwájú ní ọjọ́ 17 sí 19, ẹ ó rí ọjọ́ 23, 24 àti 25 Épírì. Ọjọ́ 24 jẹ́ Ọjọ́rú, ẹ pa á rẹ́. Ó ku ọjọ́ 23, Ìṣẹ́gun, àti ọjọ́ 25, Ọjọ́bọ̀.

Ibi tí ìṣírò yìí dé nìyẹn. Ó ti fún yín ní oṣù tó tọ̀nà, ó sì ti dín ọjọ́ kù sí ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ wo ojúlówó kàlẹ́ńdà àwọn Júù láti mú ọ̀kan nínú méjì náà. Bí kàlẹ́ńdà tí ẹ ń wò bá yàtọ̀ sí ìṣírò yín pẹ̀lú nǹkan bí oṣù kan, ẹ má gbà á gbọ́ kí ẹ tó tún ìpele 3 ṣe.

Ohun kan kù tí wọ́n máa ń gbàgbé: ìrọ̀lẹ́ ni ọjọ́ àwọn Júù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìrékọjá ọjọ́ 23 Épírì 2024 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn wọ̀ ní ọjọ́ 22, alẹ́ ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n jẹ oúnjẹ àjọ náà. Bí ìjọ bá fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí ní alẹ́ Ìrékọjá, ọjọ́ 22 ni kí wọ́n kọ.

Ìpele 6: Ẹ fi òṣùpá yẹ̀ ẹ́ wò

Ọjọ́ 15 oṣù ni Ìrékọjá, nítorí náà òṣùpá gbọ́dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Ní ìrọ̀lẹ́ tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀, ẹ gun ibi tó ga díẹ̀, Òkè Màpó dára fún un, kí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lẹ́yìn yín, òṣùpá yóò ti wà lókè díẹ̀ lọ́wọ́ iwájú tàbí kó máa yọ bọ̀, ó tóbi, ó sì yí po. Ní Épírì, òjò lè ti máa ṣú ní Ìbàdàn nírọ̀lẹ́. Bó bá ṣú, ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ìyàtọ̀ ọjọ́ kan kò ní ba àyẹ̀wò náà jẹ́. Bí ẹ bá rí òṣùpá tó dà bí ègé tín-ínrín, tàbí tí kò yọ títí di ọ̀gànjọ́, ìṣírò ọjọ́ yín ti yẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè ju ohun tí òṣùpá mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kún ní ọjọ́ 25 Máàṣì 2024, ó sì tún kún ní òru ọjọ́ 23 mọ́jú ọjọ́ 24 Épírì. Ẹni tó fi Ìrékọjá sí Máàṣì á wo òkè, á rí òṣùpá tó kún rọ̀bọ̀tọ̀, á sì gbà pé òun tọ̀nà. Òṣùpá lè sọ bóyá ọjọ́ 15 ni, kò lè sọ bóyá oṣù Nísánì ni. Káàdì alájọ nìkan ló mọ ìyẹn.

Àwọn ọdún tí Ìrékọjá àti Àjíǹde máa jìnnà sí ara wọn

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń bi ìgbìmọ̀ nìyí, ó sì tọ́ kí wọ́n ní èsì sí i. Àjíǹde máa ń jẹ́ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 Máàṣì síwájú, gẹ́gẹ́ bí ìṣírò ìjọ. Ní 2024, òṣùpá ọjọ́ 25 Máàṣì wọ inú òfin náà, nítorí náà ọjọ́ 31 ni Àjíǹde.

Àwọn Júù kò fi ọjọ́ kankan lórí kàlẹ́ńdà tiwa ṣe òdiwọ̀n. Àṣẹ́kù ọdún 19 nìkan ni wọ́n ń wò. Ìyípo yẹn dára gan-an, àmọ́ kò pé pérépéré: ọdún wọn, tí a bá pín in dọ́gba, fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀ gùn ju ọdún oòrùn lọ. Ó ń di ọjọ́ kan láàárín igba ọdún àti díẹ̀. Láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìyẹn ti ń kó jọ, Ìrékọjá ti sún síwájú díẹ̀ nínú ìgbà ìrúwé. Ní àkókò tiwa, ó máa ń wà láàárín nǹkan bí ọjọ́ 26 Máàṣì sí nǹkan bí ọjọ́ 25 Épírì.

Àbájáde rẹ̀ ni pé lọ́dún mẹ́ta nínú ìyípo náà, ọdún 8, 11 àti 19, àwọn Júù á fi oṣù kan kún un nígbà tí òṣùpá Máàṣì ì bá ti tó fún Àjíǹde. Ọdún wọ̀nyẹn ni Ìrékọjá máa ń gbẹ̀yìn Àjíǹde pẹ̀lú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2005, 2008 àti 2016, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní 2024.

Ó tún máa ṣẹlẹ̀ ní 2027, ẹ lè fi ṣe ìdánwò. Ìrékọjá 2026 jẹ́ ọjọ́ 2 Épírì. 2027 pẹ̀lú 3760 jẹ́ 5787. Ẹ fi 19 pín in: 304 lọ́nà 19 jẹ́ 5776, ó ku 11. Oṣù 13 ni. Kò sí Fẹ́búárì ọlọ́jọ́ 29 láàárín, nítorí náà ẹ lọ síwájú ní ọjọ́ 18 sí 20: ọjọ́ 20, Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21, Ọjọ́rú, ẹ pa á rẹ́, ọjọ́ 22, Ọjọ́bọ̀. Kàlẹ́ńdà àwọn Júù mú ọjọ́ 22 Épírì. Àjíǹde á ti kọjá láti ọjọ́ 28 Máàṣì.

Ohun tí ẹ máa gbé fún atẹ̀wé fún 2027 ni: Púrímù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun 23 Máàṣì, alẹ́ Ìrékọjá, Ọjọ́rú 21 Épírì, ọjọ́ kìíní Ìrékọjá, Ọjọ́bọ̀ 22 Épírì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún tí àwọn méjèèjì tún máa jìnnà síra báyìí ni 2035.